Ọwọ́ Ta Ni Káàdì Ti Fò?

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tí kò mọ káàdì í pò mọ̀, ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀. Etí ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Fàràràrà! Fàràràrà! Àfi bí ẹyẹlé tí ológbò ká mọ́ inú páànù. Bí Dọ́nà Rafilina, arúgbó tó ń fi káàdì wo ọ̀la fún ènìyàn, ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kì í sì í sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Yóò gbé àga síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, nínú òpópónà tóóró tí aṣọ sísá kì í jẹ́ ká rí ojú ọ̀run, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sílẹ̀, yóò wá gbóhùn sókè kó lè dé òpópónà kejì níbi tí Gilda, tó ń wo káàdì bíi tirẹ̀, ń gbé.

"Ṣé Gilda ń pò káàdì ni àbí ó ń lù ú? Kí ni káàdì fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà á bú sẹ́rìn-ín. Orí Rafilina á wú, á sì fi orin tì í lẹ́yìn, nítorí obìnrin yìí, bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ orin, ẹ lọ pe dókítà:

Pò ó jẹ́jẹ́, má pa á,
Pò ó jẹ́jẹ́, má rọ́ ọ,
Káàdì kì í ṣe ata inú odó,
Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọmọ jẹ́jẹ́.

Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pò ó nìyí. Ogójì ni káàdì Nàpólì, ìlú wa, oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, Owó, Ife, Idà àti Kùmọ̀, wọn kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yóò mú gbogbo wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ nínú ọwọ́ òsì, yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún fa díẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn, yóò máa sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú, ṣìn, ṣìn, ṣìn, bí ẹni ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ. Ẹ kò ní gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Gilda kọ́ nìyẹn o! Ìdì méjì ni Gilda máa ń pín in sí, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n títí ẹ̀yìn wọn á fi gbun, yóò wá tú wọn sílẹ̀ wọ inú ara wọn. Káàdì tí wọ́n bá ń ṣe báyẹn á di abuké láìpẹ́, káàdì abuké a sì máa fò. Kì í ṣe ẹ̀mí ló ń gbé e fò, ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbun ló ń ta á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn ariwo?

Ọ̀dọ̀ Rafilina náà sì ni Gilda ti kọ́ ọ. Ká kúkú sọ pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìdajì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdajì tó kù, ọkọ rẹ̀ tó ń fi káàdì ta tẹ́tẹ́ wáìnì ní ilé ọtí ló kọ́ ọ, ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ náà pé! Ohun tí Rafilina sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ káàdì tó bá fò jáde nígbà tí a bá ń pò ó. Bí ó bá dojú bolẹ̀, má ṣí i, kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀, dá a padà sínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló dà sílẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ ló dẹ̀, má purọ́ mọ́ káàdì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, tó kọjú sókè, ohun kan ṣoṣo ni kó o béèrè: ọwọ́ ta ló ti fò? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó wá béèrè ọ̀rọ̀, òun ni káàdì ń bá wí, kà á jáde fún un. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ìwọ tó ń wo káàdì, ìwọ ló ń bá wí. Gbé e mì. Dá a padà, kó o tún un pò.

Gilda kò gbé nǹkan kan mì rí láyé ẹ̀. Èyí tó bá ti fò, ì báà fò láti ọwọ́ rẹ̀ tàbí láti ọwọ́ àlejò, ì báà dojú bolẹ̀, yóò ké "Mama mi o!", yóò fọwọ́ bo ẹnu, yóò wá kà á. Àwọn obìnrin á ti òkè ọjà wá nítorí igbe yẹn nìkan.

Ẹ wá fojú inú wo bí inú Rafilina ti rí lọ́jọ́ tó gbọ́ pé Gilda ni yóò wo káàdì lórí ìgbéyàwó Mena.

Mena ni ọmọ tí Rafilina gbé lọ́wọ́ nígbà ìrìbọmi rẹ̀, òun ni ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Ìyá tó bí i ti kú, ìbọ̀wọ́ aláwọ ni Mena ń rán fún ilé iṣẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé abẹ́rẹ́ kì í rí àyè gún un. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni òun àti Tanino yóò ṣègbéyàwó. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun ti wà lórí ìkọ́. Tanino fúnra rẹ̀, kí ni ká sọ nípa rẹ̀? Ó rẹwà. Ó mọ irun í yà. Rafilina ní ó dà bíi makaróònì tí wọ́n gbàgbé láti fi iyọ̀ sí: kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì yó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Mena fẹ́ràn rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí náà Rafilina pa ẹnu rẹ̀ mọ́, tó bá jẹ́ pé a lè pè é ní pípa.

Dọ́nà Ersilia, ìyá Tanino, ni kò pa ẹnu mọ́. Opó tó ń ta aṣọ orí ibùsùn ni, ó ní awọ ẹranko lọ́rùn ẹ̀wù, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú ooru kí ojú má baà fò ó. Ọmọbìnrin onílé búrẹ́dì ló fẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá sọ pé ọkọ òun wá bá òun lójú àlá, kò fọhùn, ó kàn ń mi orí. Tìtorí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bi káàdì. Bí káàdì bá gbà, kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá gbà, kí wọ́n sún un sí ẹ̀yìn Àjíǹde. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ohun tí Ersilia bá ti sún sí ẹ̀yìn Àjíǹde, ó ti kú nìyẹn, kò ní jí.

"Tanino wá ńkọ́?" Rafilina bi Mena. "Kí ló wí?"

"Ó ní bí Màmá bá ti wí náà ni."

"Áà. Akọni."

"Ìyá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo káàdì náà fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò lè wò ó. Ọwọ́ tó gbé orí ẹ sórí omi ìrìbọmi kì í ṣí káàdì fún ẹ. Ìfẹ́ inú mi ni yóò máa darí ìka mi. N óò rí ohun tí mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n n óò bá ẹ lọ."

Ó bá a lọ lóòótọ́. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Yàrá àlejò Ersilia ni ibi tí wọ́n kì í ṣí fèrèsé nítorí kí oòrùn má baà pa àwọ̀ àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Tábìlì ń dán bíi orí apárí. Kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Rafilina rí i, ó mí kanlẹ̀. Ta ní ń wo káàdì lórí igi tó ń yọ̀? Káàdì fẹ́ aṣọ lábẹ́ ara rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Gilda ti jókòó, ó kun ètè pupa, káàdì abuké rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, ìyá ẹ̀kọ́ mi," ó wí, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ ni mo kọ́? Mo rò pé ọmọ mìíràn ni. Èyí tí mo kọ́ kì í pariwo."

"Dọ́nà Rafilina," ni Ersilia wí, ó fi ìka méjì tọ́ka àga kan sí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn, "a fẹ́ kí ẹni tí kò ní ojúsàájú wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kò lè wò ó."

"Mo mọ̀. Ìdí rèé tí mo fi wá jókòó wo ẹni tó lè wò ó, kí n lè gbọ́n."

Tanino jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì tí wọ́n fi èso àlímọ́ńdì ṣe. Mena jókòó kọjú sí i. Kò sí ẹni tó fún un ní bisikíìtì.

Gilda gbé káàdì. Ó pín in sí méjì, ó tẹ̀ ẹ́. Fàràràrà! Rafilina di ojú. Fàràràrà! Ersilia na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó kún fún òrùka, ó gé káàdì sí méjì, ó gbé ti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fìn-ín, bí ẹni gé wàràkàṣì ní ọjà.

"Ẹ ti gé e," Gilda wí, "ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un pò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Fàràràrà, káàdì kan sì ta yọ láàárín ìka rẹ̀, ó yọ̀ lórí tábìlì, ó dúró síwájú Mena, ó kọjú sókè.

"Mama mi o!"

Kùmọ̀ Mẹ́ta ni. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni wọ́n ya ojú onírùngbọ̀n ràgàjì kan sí láàárín, tó lanu bí ẹni tó gbé egungun ẹja hán. Ní àdúgbò wa, elénìní ni à ń pè é, ẹni tó ti imú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

"Ìdènà!" Gilda ti dìde dúró. "Ìdènà ńlá! Ẹ wo ojú ẹ̀! Kò dúró kí n tẹ́ ẹ, ó fò jáde fúnra rẹ̀! Nǹkan kan dúró lójú ọ̀nà ìgbéyàwó yìí, Dọ́nà Ersilia!"

"Ọkọ mi ti sọ fún mi," Ersilia wí, ó fi áńkáṣíìfù kan ojú rẹ̀ tó gbẹ. "Ó ti mi orí. Ọjọ́ Àìkú ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn Àjíǹde."

Tanino ní, "Ó mà ṣe o," ó sì mú bisikíìtì mìíràn.

Ẹ̀rín ni wọ́n gbọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Rafilina rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́ fún yín. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú ọjọ́ báyìí.

"Gilda, ọmọ dáadáa. Ọwọ́ ta ni káàdì yẹn ti fò?"

Gilda tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. "Ọwọ́ wo ló kan ọ̀rọ̀? Ó fò, ó fò náà ni."

"Mo ní ọwọ́ ta? Ọwọ́ Mena? Ọmọ yìí kò tíì fọwọ́ kan káàdì kan láti ìgbà tí a ti wọlé. Ọwọ́ rẹ ló ti fò. Kí ni mo kọ́ ẹ? Káàdì tó bá ti ọwọ́ ẹni tó ń wò ó fò, ta ló ń bá wí?"

Gilda wo àjà.

"Sọ ọ́, jẹ́ kí Dọ́nà Ersilia gbọ́."

"Ẹni tó ń wò ó," Gilda wí, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín fún.

"Ẹni tó ń wò ó! Kùmọ̀ Mẹ́ta, elénìní onírùngbọ̀n, tìẹ ni! Gbé e sáyà, ó yẹ ọ́!" Rafilina dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ lọ síbi tábìlì. "Ó tún kù. Ta ló gé káàdì? Ẹ̀yin ni, Dọ́nà Ersilia. Ẹni tó bá gé e ni ìbéèrè jẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń gé e, sí ọ̀nà àyà, nítorí ìhà ibẹ̀ ni ọkàn wà. Ẹ̀yin fi ọwọ́ ọ̀tún gé e, ọwọ́ ìṣirò, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ti gé e tán, wọn kì í tún un pò mọ́, àfi tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ló wá jẹ́ ti Mena nínú gbogbo eléyìí? Ẹni kan pò ó, ẹni kan gé e, ẹni kan pariwo, wọ́n wá ní ọmọ ọlọ́mọ ni káàdì ń bá wí!"

Ó tún kọrin sí i, ó ń fi ìka lu tábìlì:

Wọ́n se ọbẹ̀ nílé Pasquà,
Wọ́n jẹ ẹ́ nílé Pasquà,
Inú ló run wọ́n,
Wọ́n ní aládùúgbò ló fà á!

Ojú Ersilia ti pọ́n bí tòmátì. "Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ó dáa. Ẹ gbà á. Ẹ pò ó fúnra yín ká rí ọwọ́ àrà yín. Àbí ẹnu nìkan ló mọ̀ ọ́n?"

"Ọwọ́ mi kì í wo ti ọmọ yìí."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ wò ó. Mo ní kẹ́ ẹ pò ó. Ẹ kọ́ wa."

Ó yẹ kí Rafilina padà sórí àga rẹ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún akọrin pé kó fi orin han ọ̀tá rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò ní ọ̀fun ń dun òun. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó ń dán, ó gbé káàdì abuké, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ó mú wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ òsì. Ṣìn, ṣìn, ṣìn.

"Bó ṣe ń rí rèé," ó wí. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan? Ẹ kò gbọ́. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n, káàdì kì í sá fún un."

Káàdì kan sì fò.

Kò tilẹ̀ yọ́ jáde. Ó fò ni, bí eéṣú, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ sórí ìborùn, ó kọjú sókè. Ife Kan. Ife ńlá oníwúrà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó ń jẹ́ ilé, ìfẹ́, tábìlì tí oúnjẹ kì í tán lórí rẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ tó lè gbàdúrà fún káàdì tó ju ìyẹn lọ.

Mena fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Tanino pàápàá dìde, èérún bisikíìtì dà lára rẹ̀: "Ife Kan! Màmá, Ife Kan ni! Ọjọ́ Àìkú, àbí?" Ersilia wo káàdì náà, ó wò ó bí ẹni wo eku tó kú sínú òróró.

Gilda ló rí ohun tó máa sọ. Ó rọra jókòó padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì.

"Dọ́nà Rafilina," ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ọwọ́ ta ni káàdì yẹn ti fò?"

Ha! Ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀gàn tí Rafilina ti ń tú jáde láti ìgbà tó ti wọlé ló padà wọ ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀, kò sì sí ibi tó lè tu ú sí. Ó wo Mena. Kò ju kó ní, "Ti rere yàtọ̀." Kò ju kó ní, "Mo pò ó ní orúkọ rẹ̀." Ersilia kò mọ òfin káàdì ju èyí tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ, yóò gbà. Tanino, ẹnikẹ́ni tó bá gbóhùn sókè ló máa ń gbà fún. Gilda nìkan ni yóò mọ̀, ta ni yóò sì gba Gilda gbọ́? Ìgbéyàwó ń bẹ nínú ẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn kó la ẹnu ni.

Ó ronú bí yóò ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn náà tí yóò máa bú Gilda. Pẹ̀lú ẹnu wo?

"Ọwọ́ mi," ó wí.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín."

"Mo ní ọwọ́ mi! Ṣé etí rẹ náà ti buké ni? Èmi ni Ife Kan ń bá wí, arúgbó tó ń gbé yàrá kan. Bóyá wọn óò gbé wáìnì wá fún mi." Ó mú káàdì náà, ó tì í bọ àárín àwọn yòókù. "Kì í ṣe ti Mena."

Ìmọ́lẹ̀ ojú Mena kú. Rafilina rí i, ó dùn ún dé eegun. Ṣùgbọ́n ó tún rí nǹkan mìíràn. Bí ó ti ń sọ pé kì í ṣe ti Mena, Tanino, tó ṣì wà lórí ìdúró, yí ojú rẹ̀. Mena kọ́ ló wò. Ìyá rẹ̀ ló wò, bí ọmọdé tó ń wò bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ersilia mi orí díẹ̀. Tanino jókòó.

Mena náà rí i.

Ó wá na ọwọ́, ó gba káàdì lọ́wọ́ ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni jẹ́ kó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ tó ń rán awọ kì í fi nǹkan ṣeré: ó pò ó, ṣìn, ṣìn, ṣìn, kò dún, kò já, káàdì kankan kò fò. Gilda na ọrùn. Ersilia na ọrùn. Mena gbé e kalẹ̀ sórí ìborùn, ó tún etí rẹ̀ tò kó gún régé.

"Mo ti pò ó," ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣègbéyàwó. Ìyá mi, ṣé ẹni méjì tó ní ọ̀rọ̀ lè pín in, kí ọ̀kan pò ó kí èkejì gé e?"

"Wọ́n ń ṣe é," Rafilina wí. "Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é fún tọkọtaya nìyẹn."

"Tanino, gé e. Ọwọ́ òsì. Sí ọ̀nà àyà rẹ."

Tanino nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò. Ó na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà dé orí káàdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó dúró níbẹ̀. Ó yí ọrùn.

"Màmá," ó wí, "ṣé kí n gé e?"

Ersilia ti la ẹnu láti dá a lóhùn. Mena kò dúró gbọ́ ọ. Ó dìde, ó mú aṣọ òtútù rẹ̀ lórí àga, ó wọ apá kan, ó wọ èkejì, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sì kánjú.

"Kí ló dé? Níbo lò ń lọ?" Tanino bi í. "Wọn kò tíì ṣí káàdì kankan!"

"Ẹ má ṣí i mọ́. Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́? Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀!"

"Ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́," Ersilia wí fún Gilda. "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo fi ọmọ yín sílẹ̀ fún yín, Dọ́nà Ersilia," ni Mena wí. "Ní odindi. Mi ò gé e."

Rafilina fa ìborùn rẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì sì tú ká lórí tábìlì tó ń yọ̀, òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn kọjú sókè, wọ́n ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Gilda ń sáré mú wọn. Rafilina wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ká gbogbo ẹ̀ o, ọmọ mi," ó wí. "Púpọ̀ ló fò lónìí. Wàá ráyè pariwo."

Wọ́n jáde. Àtẹ̀gùn ilé náà gùn, ó ṣókùnkùn, òórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè jù ló kún inú rẹ̀. Mena ń sọ̀kalẹ̀, ó di irin ìfọwọ́tì mú, Rafilina ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ, orin pàápàá kò wá. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lókè. Tanino ni. Ó fara ti irin, ó yọ orí síta, irun rẹ̀ yà dáadáa.

"Mena! Mena, dúró!"

Mena dúró. Ó gbójú sókè. Rafilina rí i pé bí ọmọkùnrin yẹn bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré tó jẹ́ ti ara rẹ̀ báyìí, ọmọ yìí yóò tún gun àtẹ̀gùn padà.

"Màmá ní kí n sìn ọ́ délé!"

Mena wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ẹkún, ẹ̀rín tó pọ̀ débi pé ó jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ òtútù rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè dìde. Rafilina jókòó tì í, ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo òkè.

"Sọ fún màmá rẹ pé o ti sìn wá," ó wí. "Lọ jẹ bisikíìtì rẹ."